Bí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ṣe ń gba àdírẹ́ẹ̀sì nínú àyè nọ́ńbà kan náà

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Kétu kó fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jọ: fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìgbéyàwó, ọjà, ilé ẹ̀kọ́, ìsìnkú. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí abẹ́ wọn. Orúkọ tí kámẹ́rà fún wọn ni wọ́n ń jẹ́ títí di òní, `IMG_0412.jpg`, `IMG_0413.jpg`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan wá dé, ó ń wá fọ́tò obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa rí i? Ìwákiri àtijọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́, torí lẹ́tà ló máa ń fi wé lẹ́tà, kò sì sí lẹ́tà nínú fọ́tò. Ọ̀nà tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni pé kí á sọ gbólóhùn di nọ́ńbà, kí á sọ fọ́tò náà di nọ́ńbà, kí nọ́ńbà méjèèjì sì wà nínú àyè kan náà, débi pé a lè wọn bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn tó.

Oríṣiríṣi módẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí. Èyí tí a máa tẹ̀ lé ni `CLIP`, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. A mú un torí pé wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò. Lọ́dún 2013, àwọn olùṣèwádìí Google ti ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní `DeViSE`. Ní ti ìyẹn, àyè àwọn ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn kọ́ fọ́tò láti wá jókòó sínú rẹ̀ ni. Ní ti `CLIP`, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò jọ kọ́ àyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, bí ìgbà tí àlejò méjì bá jọ dá abúlé sílẹ̀.

Kí ni àdírẹ́ẹ̀sì yìí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí máàpù. Nọ́ńbà méjì péré tó láti sọ ibi tí ìlú kan wà. Kétu wà ní 7,36 sí àríwá àti 2,60 sí ìlà oòrùn. Àjàṣẹ́ wà ní 6,50 sí àríwá àti 2,60 sí ìlà oòrùn. Ẹni tí kò dé Benin rí, tí wọ́n bá fún un ní nọ́ńbà wọ̀nyí, á mọ̀ pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù lọ sí àríwá, á sì lè ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Kò nílò kó rí ilé kan níbẹ̀.

Bí `CLIP` ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò nìyẹn, àmọ́ nọ́ńbà méjì kò tó o. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, tí wọ́n ń pè ní `ViT-B/32`, nọ́ńbà 512 ni àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ní. Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó yẹ ká mọ̀. Lórí máàpù, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ọ̀kan ń sọ àríwá, èkejì ń sọ ìlà oòrùn. Nínú àyè yìí, kò sí nọ́ńbà kan tó dá dúró fún "ọjà", kò sí èyí tó dúró fún "obìnrin". Ẹ má ṣe wá ìtumọ̀ nọ́ńbà kẹrìnlélógún, ẹ ò ní rí i. Ohun tó ní ìtumọ̀ ni ẹni tó wà nítòsí ẹni.

Apá méjì ló ń ṣe àdírẹ́ẹ̀sì náà. Apá kìn-ín-ní ń wo fọ́tò. Ó máa kọ́kọ́ sọ fọ́tò di kékeré títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú á fi jẹ́ píksẹ̀lì 224, á wá gé àárín rẹ̀ mú, 224 lọ́nà 224. Á pín ìyẹn sí ègé onígun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ̀lì 32 lọ́nà 32. Méje nínà, méje níbùú, ègé 49 nìyẹn. Ó máa wo bí àwọn ègé náà ṣe bá ara wọn mu, lẹ́yìn náà ni yóò pọ nọ́ńbà 512 jáde. Ẹ kíyè sí ibi gígé yẹn o. Bí fọ́tò bá gùn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sì jókòó sí igun apá òsì pátápátá, wọ́n ti gé e dànù kí módẹ́ẹ̀lì tó la ojú. Bí ó bá sì wà láàárín àmọ́ tó kéré bí ìka ọwọ́ nínú èrò ọjà, kò ní ju ègé kan lọ nínú 49. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé "ẹ̀rọ yìí ò ríran", ohun tó fà á kò ju èyí lọ.

Apá kejì ń ka gbólóhùn. Ó ní àkójọ ègé ọ̀rọ̀ tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dáadáa lè jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Gbólóhùn kan kò gbọ́dọ̀ ju ègé 77 lọ, àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin wà lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù kò lè wọlé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun náà á pọ nọ́ńbà 512 jáde.

Kí a tó fi wọ́n wéra, a máa ń sọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì di gígùn kan náà, ìyẹn gígùn 1, bí ẹni pé a gé gbogbo ọ̀pá dọ́gba. Ohun tó kù ni ibi tí ọ̀pá kọjú sí. Ọ̀pá méjì tó kọjú síbi kan náà á gba máàkì 1. Àwọn tó dábùú ara wọn á gba 0. Àwọn tó kẹ̀yìn síra pátápátá á gba −1. Ìṣírò rẹ̀ kò le: ẹ sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti èkejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì, títí dé òpin, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà méjì dípò 512, nọ́ńbà tí àwa fúnra wa mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní gbólóhùn "obìnrin ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà" ní àdírẹ́ẹ̀sì (0,8, 0,6). Fọ́tò ọjà wà ní (0,6, 0,8), fọ́tò ewúrẹ́ wà ní (0,6, −0,8), fọ́tò ọkọ̀ ojú omi wà ní (−0,8, 0,6). Máàkì fọ́tò ọjà jẹ́ 0,8 × 0,6 + 0,6 × 0,8, ìyẹn 0,48 + 0,48, tó jẹ́ 0,96. Ti ewúrẹ́ jẹ́ 0,48 − 0,48, òfo ni. Ti ọkọ̀ ojú omi jẹ́ −0,64 + 0,36, tó jẹ́ −0,28. Fọ́tò ọjà ló borí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò mọ ọjà. Ó ro nọ́ńbà pọ̀ ni.

Ta ló fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí, torí ìṣírò tí a ṣe lókè kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó ti fi fọ́tò ọjà sí tòsí gbólóhùn ọjà. Kò sí ènìyàn tó jókòó ṣe é. Àwọn OpenAI kó fọ́tò irínwó mílíọ̀nù jọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan, ọ̀rọ̀ kan: ìkejì ara wọn nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì tí apá méjèèjì ń fúnni kò nítumọ̀ rárá.

Ẹ̀kọ́ náà jọ eré tí a máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kékeré: káàdì àwòrán mẹ́ta lápá kan, káàdì ọ̀rọ̀ mẹ́ta lápá kejì, kí ọmọ fa ìlà láti àwòrán sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ká ní a to àwòrán mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, a to gbólóhùn mẹ́ta sí orí rẹ̀, àpótí mẹ́sàn-án ló máa wà. A ṣírò máàkì fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Àpótí mẹ́ta tó wà lórí ìlà ìdábùú, láti igun òkè apá òsì dé igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ni ti àwọn ìkejì gidi. Máàkì wọn ló yẹ kó ga. Mẹ́fà yòókù gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a máa tún nọ́ńbà inú apá méjèèjì ṣe díẹ̀, ká wá mú òmíràn wá. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní láti yan gbólóhùn tirẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan náà ní láti yan àwòrán tirẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń ti àwọn tí kò bára mu sẹ́yìn? Ṣé fífa àwọn ìkejì súnmọ́ra kò tó ni? Kò tó. Bí fífà nìkan bá ni òfin náà, ọ̀nà tó rọrùn jù fún módẹ́ẹ̀lì ni kó kó gbogbo fọ́tò àti gbogbo gbólóhùn sí ojú kan ṣoṣo. Gbogbo ìkejì á gba 1, àmọ́ ewúrẹ́ náà á gba 1 pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Títì sẹ́yìn ló ń jẹ́ kí àyè náà fẹ̀.

`CLIP` kò fi mẹ́ta mẹ́ta kọ́ ẹ̀kọ́. Ìkejì 32 768 ló ń wọ tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí náà ní ìdí. Bí ẹ bá fi ewúrẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọjà síwájú ọmọdé, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ láàárín 32 768, fọ́tò ọjà lè tó ogójì, ọ̀kan ń ta tòmátì, ọ̀kan ń ta aṣọ, ọ̀kan jẹ́ ọjà alẹ́. Kí gbólóhùn tó lè rí fọ́tò tirẹ̀ nínú wọn, àfi kí módẹ́ẹ̀lì kọ́ láti wo nǹkan kéékèèké. Àléébù rẹ̀ ni pé bí fọ́tò ewúrẹ́ méjì bá wọ tábìlì kan náà, òfin ń fi dandan sọ pé gbólóhùn ewúrẹ́ kìn-ín-ní kò bá fọ́tò ewúrẹ́ kejì mu, bẹ́ẹ̀ ó bá a mu. Irú irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà, módẹ́ẹ̀lì ń fara dà á torí pé òótọ́ pọ̀ jù ú lọ.

Ohun kan tó tẹ̀ lé e: ohun tí àwọn èèyàn kì í kọ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, módẹ́ẹ̀lì kò kọ́ ọ. Ta ló máa ń kọ pé "ife wà lápá òsì àwo", tàbí pé "igi méje ló wà níbí"? Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ apá òsì yàtọ̀ sí apá ọ̀tún dáadáa, tí ìṣirò iye nǹkan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí a ṣe ń lò ó

Iṣẹ́ tó pọ̀ wà nínú fọ́tò, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ṣe é. A máa gba àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo fọ́tò, a máa tọ́jú wọn. Nọ́ńbà 512, báìtì mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, báìtì 2 048 ni fún fọ́tò kan. Ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wa kò ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì ogún lọ. Fóònù lásán lè gbé e. Bí ẹnì kan bá wá béèrè, gbólóhùn rẹ̀ nìkan la máa sọ di àdírẹ́ẹ̀sì, ká fi wé àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ní Python lórí kọ̀ǹpútà lè dán an wò báyìí:

```python
from sentence_transformers import SentenceTransformer, util
from PIL import Image

m = SentenceTransformer("clip-ViT-B-32")
foto = m.encode([Image.open(f) for f in ["1.jpg", "2.jpg", "3.jpg"]])
oro = m.encode(["a photo of a woman selling bananas in a market"])
print(util.cos_sim(oro, foto))
```

Máàkì mẹ́ta ló máa jáde, ọ̀kan fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì la kọ síbẹ̀, ìdí rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ tún rí i pé a kò kọ `bananas` nìkan. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ gbólóhùn, nítorí náà gbólóhùn ni módẹ́ẹ̀lì mọ̀. Àwọn tó ṣe é sọ pé fífi `a photo of a` síwájú orúkọ nǹkan nìkan fi máàkì 1,3 nínú ọgọ́rùn-ún kún èsì wọn lórí àwọn fọ́tò ìdánwò `ImageNet`. Gbólóhùn tún máa ń yanjú ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì: `crane` nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ẹyẹ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀ ni kíka máàkì yẹn. Bí ẹ bá rí 0,30, ẹ lè rò pé kò dáa, torí ní ilé ẹ̀kọ́ wa ẹni tó gba 6 nínú 20 ti fìdí rẹmi. Àmọ́ fún gbólóhùn àti fọ́tò nínú `CLIP`, 0,30 dára. Ìkejì tó bára mu kì í sábà kọjá àárín 0,2 sí 0,35. Ìdí rẹ̀ ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè kan náà ni wọ́n ń gbé, fọ́tò kó ara wọn jọ sí àdúgbò kan, gbólóhùn kó ara wọn jọ sí àdúgbò mìíràn, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àwọn olùṣèwádìí kọ nípa àlàfo yìí lọ́dún 2022.

Ìdí nìyí tí àwọn ètò míràn fi ń sọ máàkì di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó fi hàn yín, ewu ńlá sì wà níbẹ̀. Ká ní gbólóhùn mẹ́ta ń dupò fún fọ́tò kan, máàkì wọn jẹ́ 0,30, 0,25 àti 0,10. `CLIP` á sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà 100: wọ́n á di 30, 25 àti 10. Nígbà tí ó bá sọ wọ́n di ìdá, ẹni àkọ́kọ́ á gba 99,3 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kejì á gba 0,7, ẹnì kẹta á lọ́wọ́ òfo. Ìyàtọ̀ 0,05 péré ló di bẹ́ẹ̀! Èyí tó burú jù ni pé láàárín àwọn tó wà lórí tábìlì nìkan ni wọ́n ti ń pín ọgọ́rùn-ún yẹn. Ẹ fún un ní fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ẹ ní kó yan láàárín "ajá", "fìlà" àti "bọ́ọ̀sì". Ó lè sọ pé fìlà ni, pẹ̀lú ìdánilójú 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò purọ́: nínú mẹ́ta yẹn, fìlà ló súnmọ́ jù. Ìdáhùn "kò sí nínú wọn" ni kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn kan ṣe é gbára lé, kó padà wo máàkì gidi, kó fi wé iye tí àwọn fọ́tò tó mọ̀ dájú máa ń gbà.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn OpenAI fúnra wọn fi hàn ní oṣù kẹta ọdún 2021. Wọ́n gbé èso ápù síwájú módẹ́ẹ̀lì, ó sọ pé ápù ni. Wọ́n wá kọ `iPod` sórí ìwé pélébé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èso náà lára, módẹ́ẹ̀lì sì yí ohùn padà, ó ní iPod ni. Ìwé tó wà nínú fọ́tò ń fa àdírẹ́ẹ̀sì lọ sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kọ. Nínú àkójọ fọ́tò tiwa, níbi tí pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara takisí àti ara zẹmíjàǹ kún fún ìkọ̀wé, kò ní ṣàìṣẹlẹ̀. Bákan náà, módẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ètò ọ̀rọ̀ sí. "Ajá ń lé ọmọ" àti "ọmọ ń lé ajá" fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. Ẹ ní kó wá "ọjà tí kò sí èèyàn níbẹ̀", ọjà tó kún fọ́fọ́ ló máa kó wá, torí ó gbọ́ "ọjà", ó gbọ́ "èèyàn", "kò sí" ni kò gbọ́.

Èdè Yorùbá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irínwó mílíọ̀nù fọ́tò yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èdè Faransé máa ń bọ́ sí i níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, bí `train` tàbí `orange`. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn wa máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí kan àmì orí fáwẹ̀lì, ègé náà kò sì ràn módẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ torí kò bá wọn pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rí. Bẹ́ẹ̀ àmì yẹn ló gbé ìtumọ̀. Ọkọ̀ la ń wọ̀, ọkọ́ la fi ń roko, ọkọ ni ìyàwó ní, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń jagun. Ẹni tó kọ "oko" láìfi àmì sí i ti da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ oko àgbẹ̀.

Ní Benin, ọ̀rọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ní "ọkọ̀", `ɔkɔ̀` ni álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè wa sọ pé ká kọ. "Pẹ́pẹ́yẹ" a di `kpɛ́kpɛ́yɛ`. Àwa tí a ń ka méjèèjì kò rí ìyàtọ̀, etí kan náà ló ń gbọ́ ọ. Fún kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tí kò bára tan ni. Ẹni tó bá máa kọ́ módẹ́ẹ̀lì ní Yorùbá ní láti yan ọ̀kan, kó sì máa yí èkejì padà sí i kí gbólóhùn tó wọlé. Iṣẹ́ yẹn rọrùn, ìlà díẹ̀ nínú kóòdù ni. Èrò tiwa ni pé òun ló yẹ kó ṣáájú gbogbo nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti gbà mú èdè míràn wọ àyè náà. Àkọ́kọ́ la pè ní ti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Apá ọ̀rọ̀ `CLIP` tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́. A mú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan àti ìtumọ̀ rẹ̀, olùkọ́ á fún ti Gẹ̀ẹ́sì ní àdírẹ́ẹ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fún ìtumọ̀ náà ní àdírẹ́ẹ̀sì yẹn gẹ́lẹ́. Kò nílò fọ́tò kankan, gbólóhùn méjì méjì ti tó. Bí wọ́n ṣe ṣe `clip-ViT-B-32-multilingual-v1` nìyẹn, fún èdè tó lé ní àádọ́ta. Yorùbá kò sí nínú wọn. Ọ̀nà kejì ni ti `NLLB-CLIP`, tó jáde lọ́dún 2023. Wọ́n mú apá tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ `NLLB` ti ilé iṣẹ́ Meta, tó mọ nǹkan bí igba èdè tí Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi í sí ipò apá ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ́ ọ pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ̀rọ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn. Èyí gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ Yorùbá tó gbọ́ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kọ, nípa fọ́tò tó pọ̀ jù nínú wọn tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ Kétu wa má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, kí wọ́n dán an wò. Kí wọ́n mú fọ́tò àádọ́ta nínú tiwọn, tí kò jọra jù. Kí ẹnì kan kọ gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí módẹ́ẹ̀lì to àádọ́ta fọ́tò náà láti orí èyí tó súnmọ́ jù. Kí wọ́n wá ka iye ìgbà tí fọ́tò tó yẹ wà láàárín márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tó ń méfò lásán á gba márùn-ún nínú àádọ́ta, torí náà márùn-ún tàbí méje kì í ṣe èsì, oríire ni. Kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú Yorùbá tí kò ní àmì, kí wọ́n rí ohun tí àìsí àmì ń ná wọn.

Èsì náà á sọ ibi tí àìsàn wà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá gba ogójì, tí Yorùbá gba mẹ́jọ, fọ́tò jókòó síbi tó yẹ, apá ọ̀rọ̀ ni kò gbọ́ èdè. Módẹ́ẹ̀lì mìíràn, tàbí ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọlé, lè wo ìyẹn sàn. Àmọ́ bí gbogbo èdè bá jọ kùnà lórí àwọn fọ́tò kan, apá fọ́tò ni kí wọ́n wò. Ó ṣeé ṣe kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bọ́ síbẹ̀. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn láti ọdún 2001, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ tí èèyàn kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ajá àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Módẹ́ẹ̀lì lè mọ̀ pé aṣọ aláràbarà ni, pé ère igi wà lórí ẹni tó ń jó, kó má sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Egúngún. Ìtumọ̀ kankan kò lè tún ìyẹn ṣe, torí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ohun tí olùkọ́ kò ní.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí kò nílò ọ̀rọ̀ rárá. Kí àwọn tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yan fọ́tò mẹ́wàá tó dájú, ti ọ̀sán, ti alẹ́, ti ẹ̀gbẹ́, ti iwájú. Kí wọ́n ro àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, kí wọ́n pín in sí mẹ́wàá, kí wọ́n sì dá gígùn rẹ̀ padà sí 1. Ohun tó jáde ni àdírẹ́ẹ̀sì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú àkójọ yẹn. Kí wọ́n fi wá àwọn yòókù, kí wọ́n yọ àwọn Egúngún tó bá ṣìnà wọlé, kí wọ́n fi àwọn tuntun tó dájú kún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Máàkì tí wọ́n máa rí níbẹ̀ á ga ju 0,30 lọ dáadáa, torí fọ́tò ń bá fọ́tò pàdé nínú àdúgbò kan náà, kò sí àlàfo láàárín wọn. Kí wọ́n má ṣe to máàkì yẹn pọ̀ mọ́ ti gbólóhùn sórí ìwé kan: wíwá tí a fi fọ́tò ṣe ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, èyí tí a fi gbólóhùn ṣe náà ní tirẹ̀.